Bí A Ṣe Ń Gé Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Kúrú Tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀ Kò Fi Ní Yí Padà

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníṣẹ́jú 38 wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ìṣẹ́jú 6 péré ni ètò yín fi sílẹ̀ fún un, ìpolówó ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ìròyìn agogo mẹ́rin kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ti lọ sílé rẹ̀, ó sì gbà lọ́kàn pé ohun tí òun sọ lẹ óò gbé sáfẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú 32 lẹ fẹ́ sọ nù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ óò ṣe ṣe é tí èrò ọkàn rẹ̀ kò fi ní bá ìṣẹ́jú 32 yẹn lọ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Iṣẹ́ rédíò ni mo mọ̀ jù, òun ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn yóò rí tirẹ̀ mú nínú rẹ̀, torí ibi kan náà ni gbogbo wa ti ń ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdáhùn kan ṣoṣo, ká sì gé e títí yóò fi kúrú. Èmi ni mo to ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ là ń gbà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyálọ́jà kan ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nípa ọjà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kó lọ síbòmíràn.

Atọ́kùn: Màmá wa, wọ́n ní ẹ̀yin ọlọ́jà ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó ọjà lọ sí ibi tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyálọ́jà: Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ ṣé o. Ṣé ẹ rí i, ọjà yẹn, àwọn ìyá wa ló dá a sílẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, ibẹ̀ ló ti ta iṣu, ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ata títà. A ò lòdì sí kíkó lọ o. Mo tún un sọ, a ò lòdì sí i. Ibi tí wọ́n ní ká lọ yẹn, ó fẹjú, kò lẹ́rẹ̀ bíi tibí. Ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga síbẹ̀ kí òjò tó dé, lọ́la a ó kó lọ. Bí wọn ò bá gbẹ́ ẹ, a ò ní kúrò. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé alága ti gbowó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́jà. Èmi ò rí i o, ojú mi kọ́ ló ṣe. Ohun témi mọ̀ ni pé a ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Bí màmá yìí bá ń fi ìfarabalẹ̀ sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, tó ń mí, tó ń sinmi, ìdáhùn yìí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ká ní bí ìdajì rẹ̀ la fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohùn náà, kí ẹ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pa mọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gé e. Bí ìjà bá dé lọ́la, òun ni ẹlẹ́rìí yín, òun náà ni ẹlẹ́rìí ọlọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó gbọ́ gbogbo ìṣẹ́jú 38 náà láì gé ohunkóhun. Mo mọ̀ pé kò rọrùn nígbà tí àsìkò bá ń lé yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ tó ń gé lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ̀ pé ohun tí òun gé ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni ọlọ́rọ̀ padà wá tún ṣe ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n.

Bí ẹ ti ń gbọ́, ẹ máa fi àmì sí i. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò torí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi eku kọ̀ǹpútà kun ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tẹ `Ctrl+B`, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Ní tèmi, mo ṣì ń lo ìwé àti bírò pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa ń kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kọ ohun tí a bi í, lẹ́yìn náà mo máa ń fi gbólóhùn kan péré, ní ẹnu ara mi, kọ ohun tó fi dáhùn. Ti ìyálọ́jà wa yóò lọ báyìí: *A gbà láti kó lọ bí omi bá wà níbẹ̀ kí òjò tó dé, a kò tíì fọwọ́ sí i.*

Gbólóhùn yẹn ni òṣùwọ̀n. Kí ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó gé ohunkóhun, torí bí ẹ bá ti rí gbólóhùn kan tó dùn mọ́ yín létí, ọkàn yín yóò máa tò gbogbo ìyókù láti ṣe é lóge. Nígbà tí ẹ bá gé e tán, ẹ tún gbọ́ ọ, kí ẹ tún kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí ẹ gbọ́. Bí ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn kò bá bára mu, ìgbà yẹn ni kí ẹ mọ̀ pé ọ̀bẹ ti wọ inú ẹran.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ odidi ìdáhùn kúrò kí ẹ tó wọ inú ìdáhùn

Kò sí gígé tó mọ́ tó kí ẹ mú ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ kúrò pọ̀. Nínú ìṣẹ́jú 38, ìdáhùn mẹ́rìnlá lè wà. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ètò yín nílò. Ẹ yọ ìyókù lódindi. Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ wà bí ọlọ́rọ̀ ṣe sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ yí i padà.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì ni ọlọ́rọ̀ sábà máa ń tún èrò rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ti bínú sọ pé "gbogbo wọn olè ni" ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá sọ nígbà tó rọlẹ̀ pé "kì í ṣe gbogbo wọn, àwọn tó wà nídìí owó orí ni mò ń sọ", èyí ìkejì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ lè gbé méjèèjì jáde, ẹ lè gbé èyí tó kẹ́yìn nìkan. Bí ẹ bá gbé ti àkọ́kọ́ nìkan jáde torí pé ó gbóná, ọ̀rọ̀ tí ọlọ́rọ̀ ti kó jẹ lẹ tún ń fi sí i lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: nínú ìdáhùn kan, ẹ mọ ohun tó gbé ohun mìíràn dúró

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyálọ́jà. Ìkíni lè lọ. Ìtàn ìyá tó ta iṣu dùn, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè, òun náà lè lọ. Ohun tó kù ni yóò jẹ́ báyìí:

*A ò lòdì sí kíkó lọ o. Ibi tí wọ́n ní ká lọ yẹn, ó fẹjú, kò lẹ́rẹ̀ bíi tibí. Ṣùgbọ́n kò sí omi níbẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga síbẹ̀ kí òjò tó dé, lọ́la a ó kó lọ. Bí wọn ò bá gbẹ́ ẹ, a ò ní kúrò. Ohun témi mọ̀ ni pé a ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.*

Ibi mẹ́ta ni ọ̀bẹ ti kàn án lójú ọ̀rọ̀: ìkíni pẹ̀lú ìtàn ìyá, "mo tún un sọ", àti ọ̀rọ̀ alága. Gbólóhùn òṣùwọ̀n wa ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹlòmíràn lè fi ìdáhùn kan náà ṣe. Ó lè mú ìtàn ìyá tó ta iṣu, kó so "a ò ní kúrò" mọ́ ọn. Ìyálọ́jà ni ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹyọ kan tí a fi kún un, ṣùgbọ́n ó ti di ìyá arúgbó tó ń bá ìjọba jagun nítorí ogún ìyá rẹ̀. Ẹlòmíràn, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀, lè mú "a ò lòdì sí i", kó so "lọ́la a ó kó lọ" mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn, ó sì ti di ẹni tó ti kó ẹrù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń jẹ́ *bí* ni àwọn méjèèjì pa. Nínú èdè wa, *bí*, *àfi*, *àyàfi*, *tó bá jẹ́ pé* àti *ṣùgbọ́n* ni òpó tó gbé ilé dúró. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé òrùlé jáde kí ẹ fi òpó sílẹ̀. Bí àyè kò bá gba ọ̀rọ̀ àti *bí* rẹ̀ pọ̀, kí ẹ yọ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ alága ní tirẹ̀ gba ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Ìyálọ́jà sọ ohun tí àwọn kan ń sọ, ó sì yára fọwọ́ nu un: ojú mi kọ́ ló ṣe. Ẹni tó bá fi "alága ti gbowó ṣọ́ọ̀bù" sílẹ̀ tó yọ "àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé" kúrò ti sọ ẹni tó kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn di ẹlẹ́rìí. Ẹni tó fi "àwọn kan ń sọ" sílẹ̀ tó yọ "ojú mi kọ́ ló ṣe" náà kò tíì ṣe é dáadáa, torí bí màmá ṣe ya ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ. Ní tèmi, n óò yọ ẹ̀sùn náà lódindi nínú ìdáhùn yìí. Bí mo bá rò pé ó tó ọ̀rọ̀ tí ará ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn: kí n wá ẹni tí ojú rẹ̀ ṣe é, kí n sì pe alága kó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ òwe pẹ̀lú ń bẹ níbẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń fi òwe dé ọ̀rọ̀ lórí, òwe sì máa ń dùn láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú òwe ló ń sọ ẹni tí a pa á fún. Bí ọkùnrin kan bá sọ nípa òwò tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ pé "bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni," tí ẹ sì gé e lẹ̀ mọ́ ìdáhùn rẹ̀ nípa ìgbéyàwó tó tú, ẹ ti fi òwe rẹ̀ fẹ́ ìyàwó fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìbéèrè jẹ́ ara ìdáhùn

Nígbà tí àsìkò bá há, ohùn ara wa la kọ́kọ́ máa ń gé. Ó dàbí ìwà ìrẹ̀lẹ̀, ó sì léwu. Ní 27 oṣù kẹta 2012, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà gbé ohùn George Zimmerman jáde, ẹni tó yìnbọn pa Trayvon Martin, ọmọ ọdún 17, ní ìlú Sanford ní Florida. Ohùn náà jẹ́ èyí tó fi pe ọlọ́pàá kó tó yìnbọn. Bó ṣe jáde, a gbọ́ tó ń sọ pé ẹni yìí jọ ẹni tó ń wá láburú ṣe, lẹ́yìn náà lójú ẹsẹ̀ pé ó jọ ènìyàn dúdú. Ohun tó wà láàárín méjèèjì nínú ohùn àkọ́kọ́ ni pé ó ní ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti lo oògùn olóró, pé òjò ń rọ̀, pé ó kàn ń rìn káàkiri. Ẹni tó gba ìpè náà wá bi í bóyá funfun ni ẹni náà ni, tàbí dúdú, tàbí Hispaníìkì. Ìbéèrè yẹn ló fi "ó jọ dúdú" dáhùn.

Ìgbàkígbà tí ènìyàn bá dá ọ̀rọ̀ sọ fúnra rẹ̀, ohun tí ó ń rò la gbọ́. Ìgbà tí a bá bi í tó dáhùn, ohun tí a bi í la gbọ́. Yálà inú ẹnìkan dùn sí Zimmerman tàbí kò dùn, ìbéèrè tí wọ́n gé yẹn ti fi ìdí kan sí ẹnu rẹ̀ tí kò sọ níbẹ̀. NBC tọrọ àforíjì, ó sì dá ẹnìkan dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yọ ìbéèrè kúrò, ẹ bi ara yín bóyá ìdáhùn lè dá dúró tí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè yóò ṣì mọ̀ ìdí tó fi wáyé. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ ti ṣe é látọ̀dọ̀ ọlọ́rọ̀: kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa fi ìbéèrè yín sínú ìdáhùn rẹ̀. Bí ìyálọ́jà bá ti sọ pé "ní ti pé bóyá a ti fọwọ́ sí i, a ò tíì fọwọ́ sí i", ohùn yín lè lọ láìléwu. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀, tàbí kí ẹ tún un sọ ní kúkúrú, ní ohùn atọ́kùn, láì yí i padà. Ẹ má ṣe gba ìbéèrè tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọlọ́rọ̀ ti lọ, èyí tó gbóná ju èyí tí ẹ bi í. Ìyẹn ju gígé lọ, irọ́ gidi ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí a ti so ọ̀rọ̀ pọ̀

Gígé máa ń bí ìsopọ̀. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ kúrò láàárín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò pàdé, etí olùgbọ́ yóò sì gbà pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jáde lẹ́nu. Bí àárín wọn bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10 nínú ìdáhùn kan náà, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn, ìsopọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Gbogbo wa rí i ní 2025. Ètò Panorama ti BBC, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2024, lo ọ̀rọ̀ tí Donald Trump sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 6 oṣù kìíní 2021. Wọ́n mú ibi tó ti ní àwọn yóò rìn lọ sí Capitol, ilé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n sì so ó mọ́ ibi tó ti ní àwọn ń jà, àwọn ń jà kíkan-kíkan. Ó lé ní ìṣẹ́jú 50 tó wà láàárín méjèèjì. Nínú ohùn àkọ́kọ́, ohun tó tẹ̀ lé rírìn lọ sí Capitol ni pé àwọn yóò lọ pàtẹ́wọ́ fún àwọn aṣòfin wọn. Olórí àgbà BBC, Tim Davie, àti olórí ẹ̀ka ìròyìn, Deborah Turness, fi ipò sílẹ̀ ní 9 oṣù kọkànlá 2025, alága iléeṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ orí pápá nìyẹn, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan náà ni.

Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ láti tún un ṣe. Bí ohùn atọ́kùn bá bọ́ sí àárín tó ní "nígbà tó yá, ó tún sọ pé", olùgbọ́ ti mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe rédíò, ohùn atọ́kùn ni afárá yín. Nínú fídíò, ẹ jẹ́ kí ojú àwòrán ṣókùnkùn díẹ̀ kó tó tún mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi àwòrán ọwọ́ tàbí ti èrò ọjà bo ibi tí ẹ ti so ó pọ̀ bí ìsopọ̀ náà bá yí ìtumọ̀. Nínú ìwé, ẹ fi àmì ìdánudúró mẹ́ta tó tẹ̀ léra sí i, tàbí kí ẹ pa àmì ọ̀rọ̀ ẹni dé kí ẹ tún ṣí òmíràn.

Ẹ lè yí ipò ìdáhùn sí ìdáhùn padà bí ìkọ̀ọ̀kan bá pé tó sì dá dúró. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ gbé ìlà láti inú ìdáhùn kan sínú òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀bẹ kékeré, níbi tí èdè Yorùbá ti léwu jù

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ kò sọ ọ́. Nínú èdè wa, ohun tó ya bẹ́ẹ̀ ni sọ́tọ̀ kúrò lára bẹ́ẹ̀ kọ́ lè jẹ́ fáwẹ̀lì kan ṣoṣo. "A ò gbà" àti "a gbà": *ò* kan ló wà láàárín wọn, ohùn ìsàlẹ̀, kúkúrú bí ìmí. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yára yóò pè é bí ẹni pé *a* kàn gùn díẹ̀ tó sì wálẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ó dàbí ìkálòlò. Ìkálòlò sì ni ohun tí ọwọ́ wa ti mọ́ láti gé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àgbẹ̀ kan ló ń sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ó ń kálòlò díẹ̀, ó ní, "A ò... a ò... a ò gba ajílẹ̀ kankan lọ́dún yìí." Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìkálòlò, mo gé ti àkọ́kọ́, mo gé ti ìkejì, ọwọ́ mi sì wọ inú ti ìkẹta díẹ̀. *Kankan* náà ti lọ nítorí pé mo fẹ́ dín in kù. Ohun tó jáde sáfẹ́fẹ́ ni "a gba ajílẹ̀ lọ́dún yìí". Kó tó dọ̀sán, ó ti pè mí. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ohun tó sọ ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń bi òun ibi tí òun kó tiwọn sí.

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gé ìkálòlò tó bá fara kan *ò*, *kò*, *kì í*, *má* tàbí *kọ́*. Mo máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe rí. Bí mo bá gbọ́dọ̀ gé nítòsí rẹ̀, mo máa ń fa ojú àwòrán ohùn gbòòrò, mo máa ń tẹ `Z` nínú Audacity kí ibi gígé bọ́ sí ibi tí ohùn ti kan òdo, kó má baà dún pá, lẹ́yìn náà mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù lásán, torí lórí irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti gbọ́ ọ. Àmì kan tún wà tí etí tó mọ̀ yóò fi dá àṣìṣe yìí mọ̀: "wọ́n gbà" ní ohùn òkè, ṣùgbọ́n "wọn ò gbà" kò ní in. Bí ẹ bá gbọ́ "wọn gbà" pẹ̀lú *wọn* tí ohùn rẹ̀ wà láàárín, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn ti gé *ò* kan sọ nù níbẹ̀.

*Wọ́n* tún ní ewu tirẹ̀. Ẹni kan sọ pé: "A lọ kí kábíyèsí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ dé bá wa níbẹ̀. Wọ́n ní ká sanwó ká tó padà wọlé." Bí ẹ bá gé gbólóhùn àárín, *wọ́n* yóò bọ́ sí orí kábíyèsí, torí *wọ́n* náà là ń pe àgbà kan ṣoṣo. Ẹ ti sọ ọba di agbowó. Ìgbàkígbà tí *ó*, *wọ́n* tàbí *àwọn yẹn* bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn wo orúkọ tó ń tọ́ka sí. Bí orúkọ náà ti lọ, ẹ dá a padà, tàbí kí atọ́kùn sọ ọ́ kí ohùn tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rọ̀

Ní 2016, fíìmù kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa ọ̀rọ̀ ìbọn, níbi tí akọ̀ròyìn Katie Couric ti bi ẹgbẹ́ àwọn oníbọn kan ní Virginia ní ìbéèrè: bí a kò bá yẹ ìtàn ẹni wò kí a tó tà ìbọn fún un, báwo la ó ṣe ṣe é tí ọ̀daràn kò fi ní rí i rà? Nínú fíìmù náà, wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 8 sí 9. Ohùn tí ẹgbẹ́ náà gbà sílẹ̀ fúnra wọn fi hàn pé lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dáhùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yí padà, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi kún un, gbogbo olùwòran sì kà á sí pé ẹnu wọ́n wọhò. Couric náà sọ pé òun kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ lè gé ìdákẹ́jẹ́ tó gùn kù. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi èyí tí kò sí síbẹ̀. Bí ẹni tí ẹ bi ní ìbéèrè tó wúwo bá sì dákẹ́ kó tó dáhùn, èmi kì í gé e mọ́ra pátápátá, torí ìrònú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín náà bẹ́ẹ̀: gbólóhùn tí a fi ẹ̀rín sọ, bí ẹ bá gé ẹ̀rín, ó lè di ìhalẹ̀. Fún àlàfo tí gígé bá dá sílẹ̀, ẹ ti gba ìṣẹ́jú-àáyá 30 ohùn yàrá tó dákẹ́ sílẹ̀ kí ọlọ́rọ̀ tó dìde, kí ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ ibi tí ohùn ti já lójijì. Ìyẹn jẹ́ lẹ́ẹ̀ lásán, kò gbọ́dọ̀ ju ìmí kan lọ.

Nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti parí

Ẹ fún ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ ní èyí tí ẹ gé, kó gbọ́ ọ, kó sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ẹ má ṣàlàyé fún un tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sọ pé "ìyálọ́jà ní àwọn yóò kó lọ bí wọ́n bá gbẹ́ kànga", ẹ gbé e jáde. Bí ó bá sọ pé "ìyálọ́jà kọ̀ jálẹ̀", ẹ padà sídìí ẹ̀rọ, kódà bí gbogbo gígé yín bá dára lójú ẹ̀yin. Ìbéèrè kejì tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bí ọlọ́rọ̀ bá jókòó pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ nígbà tí ètò ń lọ, ṣé yóò ní láti máa sọ fún wọn pé "ó kù díẹ̀, mo tún sọ nǹkan mìíràn"? Tó bá jẹ́ pé ohun tó kù yẹn yóò yí ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀ tàbí nípa ẹni tó dárúkọ padà, gígé náà ti di ẹ̀tàn, ì báà ṣe pé a kò ní i lọ́kàn.

Ẹ kò nílò láti fún ọlọ́rọ̀ láṣẹ lórí gígé. Àwọn mìíràn yóò fẹ́ kẹ́ ẹ yọ òtítọ́ tó korò lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lè pè é kí ẹ ka ohun tó kù fún un, kí ẹ bi í bóyá èrò rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ní "mi ò fẹ́ kí ẹ gbé e jáde mọ́", ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Bí ó bá ní "mi ò sọ bẹ́ẹ̀", ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣí.

Bí àṣìṣe bá sì ti jáde, ẹ tún un ṣe ní ètò kan náà, ní agogo kan náà, pẹ̀lú ohùn ọlọ́rọ̀ lódindi. Èyí tí mo ṣe fún àgbẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì gba ìṣẹ́jú-àáyá 40. Mo sọ pé èmi ni mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fi di ìdàkejì, mo sì jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ gbólóhùn náà bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú *a ò* mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.